Ìtàn kúkúrú tí ń mú kí akẹ́kọ̀ọ́ rántí bí Ìjídìde Faransé ṣe ṣẹlẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, àti bí a ṣe ń kọ ọ́

Ẹ bi akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ka ìwé ìtàn dáadáa pé kí ló fa Ìjídìde ilẹ̀ Faransé ní 1789. Kò ní pẹ́ tí yóò fi dárúkọ odi Bastille tó jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n ní Párísì, gbèsè ọba, búrẹ́dì tó wọ́n, àti ìbúra tí àwọn aṣojú ṣe nínú gbọ̀ngàn tẹníìsì. Ẹ wá ní kó tò wọ́n bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra, ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Yóò fi ìbúra síwájú ìpàdé tó bí ìbúra náà. Yóò ní Bastille ti ṣubú kí wọ́n tó pe àpérò. Kì í ṣe pé kò kàwé o. Orúkọ nìkan ló há sórí, orúkọ kì í sì í fúnra rẹ̀ sọ èyí tó ṣáájú.

Ìtàn tí a fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń kọ yìí wà fún àtúnyẹ̀wò ṣáájú ìdánwò. Ó máa ń tó ọ̀rọ̀ 300 sí 400, ẹni tó bá sì ń kà á sókè yóò parí rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin. Iṣẹ́ kan ṣoṣo la fún un: kí ìṣẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdí tí èyí tó tẹ̀ lé e fi ṣẹlẹ̀. Bí ìtàn bá ṣe èyí, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbàgbé ọjọ́ kan ṣì lè ronú padà sí ipò tó yẹ kó wà. Bí kò bá ṣe é, bó ti wù kó dùn tó, kò wúlò fún títò.

Kọ́kọ́ pààlà

Ibi tí ìtàn yóò parí sí ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, kì í ṣe ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 14 Oṣù Keje 1789 ni kó parí sí, ọjọ́ tí Bastille ṣubú. Ẹ má jẹ́ kó dé orí pípa ọba ní Oṣù Kìíní 1793, nítorí ìjà mìíràn pátápátá ló bí ìyẹn, àárín ìtàn á sì tú.

Nípa ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìwé a máa bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn onímọ̀ tó ń kọ̀wé nípa òmìnira. Lóòótọ́ ni wọ́n ní ipa tiwọn, ṣùgbọ́n èrò kì í ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí, a kò sì lè fi í sí ààyè kan nínú ìlà. Ẹ kọ ọ́ sí ìwé ọ̀tọ̀. Ibi tó dára jù láti gbéra ni 1778, ọdún tí Faransé wọ ogun Amẹ́ríkà, nítorí gbèsè ogun náà lé ní bílíọ̀nù kan lífírì, owó tí Faransé ń ná nígbà náà, gbèsè yìí ló sì ń ti gbogbo ohun tó kù láti ẹ̀yìn.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú ìṣẹ̀lẹ̀ mẹ́sàn-án, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí káàdì kan, kí ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí ẹ̀yìn:

1. 1778: Faransé wọ ogun Amẹ́ríkà, ó sì fi gbèsè jà á.
2. Oṣù Kẹjọ 1786: Calonne, mínísítà ètò ìnáwó, sọ fún ọba pé owó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.
3. Oṣù Kejì 1787: Ọba pe àwọn sàràkí ilẹ̀ Faransé jọ sí Versailles, wọn kò gbà fún un.
4. 1787 sí 1788: Ilé Ẹjọ́ Àgbà Párísì kọ̀ láti forúkọ òfin owó orí sílẹ̀.
5. Oṣù Kẹjọ 1788: Ọba kéde pé òun yóò pe Àpérò Ìpín Mẹ́ta.
6. Ọjọ́ 5 Oṣù Karùn-ún 1789: Àpérò bẹ̀rẹ̀, ìjà lórí ìbò sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.
7. Ọjọ́ 17 Oṣù Kẹfà 1789: Ìpín Kẹta sọ ara rẹ̀ di Àpérò Orílẹ̀-èdè.
8. Ọjọ́ 20 Oṣù Kẹfà 1789: Ìbúra nínú gbọ̀ngàn tẹníìsì.
9. Ọjọ́ 14 Oṣù Keje 1789: Bastille ṣubú.

Ìdí tí a fi dúró lórí mẹ́sàn-án ni pé bí a bá fi kún un, àwọn káàdì kan kò ní ní ìdí tó lágbára tó so wọ́n mọ́ èyí tó ṣáájú. Ìdìtẹ̀ tó ṣẹlẹ̀ ní Grenoble ní ọjọ́ 7 Oṣù Kẹfà 1788, níbi tí àwọn ará ìlú ti gun òkè ilé tí wọ́n ń ju awẹ́ òrùlé lu àwọn ọmọ ogun, dùn-ún gbọ́. Abẹ́ káàdì kẹrin ló yẹ kó wà, kì í ṣe káàdì tirẹ̀.

Kọ oríkèé kó o tó kọ ìtàn

Káàdì mẹ́sàn-án ní oríkèé mẹ́jọ. Oríkèé ni gbólóhùn tó wà láàárín káàdì méjì, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "nítorí pé". Ẹ kọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sílẹ̀ kí ẹ tó ronú kan ìtàn rárá. Bí ẹ bá rí i pé "lẹ́yìn náà" ló ń wá sí ẹnu yín dípò "nítorí pé", ẹ mọ̀ pé oríkèé yẹn kò tíì dúró.

Ẹ jẹ́ ká wo oríkèé tó wà láàárín káàdì kẹfà àti ìkeje, nítorí òun ni akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fò jù. Ìwé máa ń sọ pé àpérò bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 5 Oṣù Karùn-ún, pé ní ọjọ́ 17 Oṣù Kẹfà Ìpín Kẹta sọ ara rẹ̀ di Àpérò Orílẹ̀-èdè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló wà láàárín wọn. Kí ni wọ́n ń ṣe?

Wọ́n ń jà lórí ìbò. Ìpín Kìíní ni àwọn àlùfáà, Ìpín Kejì ni àwọn ọ̀tọ̀kùlú, Ìpín Kẹta ni gbogbo ará ìlú tó kù. Ní òpin 1788, ọba ti gbà kí aṣojú Ìpín Kẹta di ìlọ́po méjì. Nítorí náà, wọ́n tó 600 nígbà tí ìpín kọ̀ọ̀kan nínú àwọn méjì tó kù ní nǹkan bí 300. Ṣùgbọ́n ọba kò sọ bí wọn yóò ṣe dìbò. Bó bá jẹ́ pé ìpín kan ìbò kan ni, àlùfáà àti ọ̀tọ̀kùlú yóò máa borí ní méjì sí ẹyọ kan, 600 yẹn kò sì já mọ́ nǹkan kan. Bó bá jẹ́ orí kan ìbò kan, Ìpín Kẹta nílò àlùfáà díẹ̀ péré láti borí. Láti ọjọ́ kìíní ni Ìpín Kẹta ti kọ̀ láti yẹ ìwé àwọn aṣojú rẹ̀ wò lọ́tọ̀, nítorí bó bá ti yẹ̀ ẹ́ wò lọ́tọ̀, ó ti gbà pé lọ́tọ̀ náà ni ìbò yóò wà. Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀ títí sùúrù fi tán.

Oríkèé náà wá di: "Nítorí pé wọn kò fẹnu kò lórí bí a ó ṣe ka ìbò, Ìpín Kẹta dá dúró, ó ní òun nìkan tó láti jẹ́ orílẹ̀-èdè." Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá mọ èyí kò lè fi ọjọ́ 17 Oṣù Kẹfà síwájú ọjọ́ 5 Oṣù Karùn-ún láéláé.

Ọ̀nà kan wà láti dán oríkèé wò. Ẹ pa káàdì méjèèjì ní ipò dà, kí ẹ ka gbólóhùn náà. Bó bá ṣì mú ọgbọ́n dání, oríkèé náà ti jẹrà. "Ilé Ẹjọ́ kọ owó orí, lẹ́yìn náà ni àwọn sàràkí kọ̀ ọ́": èyí ṣì mọ́gbọ́n wá. Ó yẹ ká fi ohun tó dè wọ́n hàn: Calonne dìídì pe àwọn sàràkí kí wọ́n lè fọwọ́ sí ètò rẹ̀, kí Ilé Ẹjọ́ má baà lè yarí sí i mọ́. Ìgbà tí àwọn sàràkí kò gbà, ọ̀nà kan tó kù ni pé kí ọba gbé e lọ síwájú Ilé Ẹjọ́ tó ń sá fún.

Wá ìbéèrè tí ìtàn yóò máa béèrè

Ẹ wo àwọn káàdì márùn-ún àkọ́kọ́ dáadáa, ẹ ó rí i pé ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ léraléra. Ọba ń wá ẹni tí yóò fọwọ́ sí owó orí. Ẹni tó bá lọ bá yóò ní agbára òun kò ká a, kó lọ bá ẹlòmíràn. Àwọn sàràkí tì í síwájú, Ilé Ẹjọ́ tì í síwájú, títí ó fi kan Àpérò Ìpín Mẹ́ta tí wọn kò pè láti 1614. Nítorí náà, ẹ fi ìbéèrè kan ṣe ègbè bí ti àlọ́: "Ta ni yóò san án?"

Láti káàdì keje, ìbéèrè náà kò bá ọ̀rọ̀ mu mọ́. Ìjà kò dá lórí owó mọ́, ó ti di ìjà lórí ẹni tó láṣẹ láti sọ̀rọ̀ lórúkọ ìlú. Ẹ yí ègbè padà níbẹ̀: "Ta ló láṣẹ?" Àyípadà ègbè yìí ló ń ṣiṣẹ́ jù nínú ìtàn, torí òun ló ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́, láìlo ọ̀rọ̀ ńlá, ibi tí wàhálà owó ti di ìjídìde. Àwọn kan máa ń lo ègbè kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n káàdì 7, 8 àti 9 a máa lọ́ mọ́ra wọn lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, nítorí kò sí ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn ti ìṣáájú.

Ìgbà tí búrẹ́dì yóò wọlé

Ọ̀rọ̀ búrẹ́dì ló ń da ìtàn rú jù. Ọ̀wọ́n kì í ṣe ìṣẹ̀lẹ̀ ọjọ́ kan, bẹ́ẹ̀ ni kò ti inú gbèsè ọba wá. Ẹsẹ̀ ọ̀tọ̀ ló fi ń rìn, ó wá bá ìyókù pàdé nígbà tó yá. Bí ẹ bá fún un ní káàdì tirẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa gbé e káàkiri.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni kí ẹ mẹ́nu kàn án, gbólóhùn kan lẹ́ẹ̀kan. Ìkíní ni òjò yìnyín ọjọ́ 13 Oṣù Keje 1788 tó ba ọkà jẹ́ káàkiri àríwá ilẹ̀ Faransé. Ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún kan ó lé ọjọ́ kan ṣáájú Bastille, ìyẹn sì rọrùn láti rántí. Ìkejì ni àárín káàdì kẹfà, nígbà tí àwọn aṣojú ń jà lórí ìbò, tí ọ̀wọ́n ń le sí i. Ní Párísì, búrẹ́dì ńlá tó máa ń jẹ́ nǹkan bí súù 8 sí 9, owó wẹ́wẹ́ ilẹ̀ Faransé, ti gòkè dé súù 14 àti ààbọ̀ ní 1789, bẹ́ẹ̀ owó iṣẹ́ òòjọ́ alágbàṣe kò ju súù 20 sí 30 lọ. Ìkẹta ni káàdì kẹsàn-án, tí ebi àti ìbẹ̀rù pa pọ̀ sójú pópó.

Ìtàn náà

Bí oríkèé bá ti pé, kíkọ rẹ̀ kì í gba àkókò. Bó ṣe lè rí nìyí:

*Ta Ni Yóò San Án?*

*Ní 1778, Ọba Louis Kẹrìndínlógún ran àwọn ará Amẹ́ríkà lọ́wọ́ láti bá ọba Gẹ̀ẹ́sì jà. Wọ́n ṣẹ́gun, ṣùgbọ́n owó ẹ̀yáwó ni Faransé fi jagun. Ta ni yóò san án?*

*Ní 1786, Calonne ṣí ìwé ìṣirò síwájú ọba. "Kábíyèsí, owó ń tán lọ. Ẹ jẹ́ kí gbogbo onílẹ̀ san owó orí, àti àlùfáà àti ọ̀tọ̀kùlú." Ta ni yóò gbà bẹ́ẹ̀?*

*Kí Ilé Ẹjọ́ má baà yarí, ọba kọ́kọ́ pe àwọn sàràkí jọ ní 1787. Àwọn sàràkí wo ara wọn lójú, torí ọ̀dọ̀ wọn gan-an ni owó orí náà ń bọ̀. Wọ́n ní, "A ò láṣẹ láti gbà á." Calonne pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Ta ni yóò san án?*

*Ó wá ku Ilé Ẹjọ́ Àgbà Párísì. Àwọn adájọ́ ní, "Àpérò Ìpín Mẹ́ta nìkan ló lè fọwọ́ sí i." Ọba lé wọn lọ sí Troyes, ó pè wọ́n padà, ó tún fẹ́ gba agbára lọ́wọ́ wọn, ìlú sì dàrú. Ta ni yóò san án?*

*Ní Oṣù Keje 1788, òjò yìnyín lu ọkà mọ́lẹ̀ lóko. Ìlú ò rójú, oko ò pọ́n, àpò ọba sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Ní Oṣù Kẹjọ, ọba juwọ́ sílẹ̀: ó kéde Àpérò Ìpín Mẹ́ta, èyí tí ẹnikẹ́ni kò pè láti 1614. Ọjọ́ mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ilé ìṣúra kò lè san gbèsè rẹ̀ bó ti yẹ mọ́. Wọ́n pe Necker, ẹni tí ará ìlú fẹ́ràn, padà sídìí owó.*

*Ní ọjọ́ 5 Oṣù Karùn-ún 1789, àpérò bẹ̀rẹ̀ ní Versailles. Ìpín Kẹta béèrè pé, "Ṣé orí la ó kà ni, àbí ìpín?" Wọn ò rí ìdáhùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá, búrẹ́dì ń wọ́n sí i. Ta ni yóò san án?*

*Ní ọjọ́ 17 Oṣù Kẹfà, sùúrù tán. Ìpín Kẹta ní, "Àwa la pọ̀ jù, àwa ni orílẹ̀-èdè." Wọ́n sọ ara wọn di Àpérò Orílẹ̀-èdè. Ìbéèrè yí padà: Ta ló láṣẹ?*

*Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n bá gbọ̀ngàn wọn ní títì pa. Wọ́n rò pé ọba fẹ́ tú wọn ká. Wọ́n ya wọ gbọ̀ngàn tẹníìsì, wọ́n búra pé àwọn ò ní túká títí ìlú yóò fi ní òfin ìpìlẹ̀. Ta ló láṣẹ?*

*Ọba ṣe bí ẹni tó gbà, bẹ́ẹ̀ ló ń kó ọmọ ogun yí Párísì ká. Ní ọjọ́ 11 Oṣù Keje, ó lé Necker. Ará Párísì ní, "Àwa ló kàn." Wọ́n wá ìbọn, wọ́n rí i. Wọ́n wá ẹ̀tù, ẹ̀tù wà ní Bastille. Ní ọjọ́ 14, Bastille bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ta ló láṣẹ?*

Ẹ ṣàkíyèsí pé orúkọ ènìyàn mẹ́ta péré ló wà nínú rẹ̀. Brienne tó gba ipò Calonne kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ló ń darí owó nígbà ìjà Ilé Ẹjọ́. A yọ ọ́ nítorí pé yíyọ rẹ̀ kò já oríkèé kankan. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu àwọn ènìyàn inú ìtàn, àwa la fi sí wọn lẹ́nu láti fi gbé ìdí kalẹ̀. Ẹ sọ èyí fún akẹ́kọ̀ọ́ kedere, kó má baà gbé e lọ sínú ìdánwò pé Calonne sọ báyìí báyìí.

Ibi tí ó ti máa ń bàjẹ́

Necker ni àkọ́kọ́. Ó fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ ní 1781, ọba pè é padà ní Oṣù Kẹjọ 1788, ó lé e ní ọjọ́ 11 Oṣù Keje 1789, kò sì pé ọ̀sẹ̀ kan tó tún fi pè é. Bí ẹ bá kó gbogbo rẹ̀ sínú ìtàn, akẹ́kọ̀ọ́ yóò so kíkúrò nípò ti 1781 mọ́ Bastille. Pípè ti 1788 àti lílé ti 1789 nìkan la nílò, nítorí lílé kò lè bí ìlú nínú bí a kò bá tíì sọ pé wọ́n fẹ́ràn ẹni tí wọ́n lé.

Ìkejì ni Oṣù Kẹjọ 1788. Ọ̀pọ̀ ló ń kọ ọ́ pé ilé ìṣúra kọ́kọ́ dẹnu kọlẹ̀, ni ọba fi pe àpérò. Ọjọ́ 8 ni ìkéde àpérò jáde, ọjọ́ 16 ni ilé ìṣúra dá sísan gbèsè dúró. Òótọ́ ni pé owó tó ń tán lọ ló ń lé ọba, ṣùgbọ́n títò tó bá yí ọjọ́ méjèèjì yìí padà kò tọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí "ọjọ́ mẹ́jọ lẹ́yìn náà" fi wà nínú ìtàn.

Ilé Ẹjọ́ Àgbà Párísì náà ní ewu tirẹ̀. Orúkọ tó ń jẹ́ lédè Faransé jọ ti ilé aṣòfin, akẹ́kọ̀ọ́ a sì máa rò pé aṣojú tí ìlú dìbò yàn ló wà níbẹ̀. Adájọ́ ni wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọ̀tọ̀kùlú. Iṣẹ́ wọn tó kàn wá níhìn-ín ni fíforúkọ òfin ọba sílẹ̀ kó tó lè ṣiṣẹ́. Bí a bá pè é ní ilé aṣòfin, kò ní yé akẹ́kọ̀ọ́ ìdí tí wọ́n fi ń sọ pé Àpérò Ìpín Mẹ́ta nìkan ló láṣẹ.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù lọ ni adùn. Òǹkọ̀wé tó bá fẹ́ kí ìtàn dùn yóò fi ayaba tó ní kí ebi-ń-pa jẹ àkàrà òyìnbó sí i, ọ̀rọ̀ tí kò sí ẹ̀rí pé ó jáde lẹ́nu Marie Antoinette. Yóò fi ẹlẹ́wọ̀n rẹpẹtẹ sínú Bastille, bẹ́ẹ̀ méje péré ni wọ́n bá níbẹ̀. Kì í ṣe pé ó jẹ́ irọ́ nìkan. Ó tún ń já oríkèé: bí akẹ́kọ̀ọ́ bá rò pé wọ́n lọ dá ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀ ni, kò ní mọ ìdí tí lílé Necker àti àwọn ọmọ ogun tó yí ìlú ká fi gbọ́dọ̀ ṣáájú. Ẹ̀tù ìbọn ni wọ́n ń wá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n ti kó ìbọn ní Invalides, ilé àwọn ọmọ ogun àtijọ́ ní Párísì, ìbọn láìsí ẹ̀tù kò sì wúlò.

Bí a ṣe ń lò ó, àti bí a ṣe ń mọ̀ pé ó ti wọlé

Ẹ kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì, kí akẹ́kọ̀ọ́ máa gbe ègbè. Ẹ gba ìwé kúrò níwájú rẹ̀. Ẹ po káàdì mẹ́sẹ̀ẹ̀sán pọ̀, kó tò wọ́n láìwo ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà, kó sọ oríkèé mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lẹ́nu ara rẹ̀, láìlo gbólóhùn inú ìtàn. Ẹni tó ń ka ìtàn náà lórí bí àkọ́sórí lè tò ó láìsí àṣìṣe, kó má sì mọ nǹkan kan. Apá kejì yìí ló ń tú u fó.

Ẹ má ṣe fi ipò káàdì gba máàkì, oríkèé ni kí ẹ kà. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé Bastille síwájú pátápátá, tó sì to ìyókù dáadáa: 9, 1, 2, 3, 4, 5, 6, 7, 8. Bó bá jẹ́ ipò là ń kà, òdo ló gbà, nítorí kò sí káàdì kan tó wà ní ààyè rẹ̀. Bó bá jẹ́ oríkèé, ó gba 7 nínú 8. Oríkèé ló sọ òótọ́ níhìn-ín: ohun kan ṣoṣo ni kò mọ̀, pé Bastille ni òpin. Ẹlòmíràn tò ó báyìí: 1, 2, 3, 4, 5, 6, 8, 7, 9. Ipò yóò fún un ní 7 nínú 9, a ó sì rò pé ó ti ń ṣe dáadáa. Oríkèé yóò fún un ní 5 nínú 8, gbogbo èyí tó sì fọ́ yí ọjọ́ 17 Oṣù Kẹfà ká. Kò yé e ohun tí àwọn aṣojú wọ̀nyẹn ń dáàbò bò nígbà tí wọ́n búra. Ẹ padà sí ọ̀rọ̀ ìbò pẹ̀lú rẹ̀, ẹ má tún ka gbogbo ìtàn fún un.

Ẹ tún dán an wò lọ́jọ́ kejì, àti lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà ìkẹta yìí, ẹ yọ káàdì kan pamọ́, ẹ kó mẹ́jọ fún un, kó sọ èyí tí kò sí àti ibi tó yẹ kó wà. Káàdì kẹrin ló dára jù láti yọ, nítorí àárín àwọn sàràkí àti ìkéde àpérò máa ń dà bí ẹni pé kò sí àlàfo níbẹ̀.

Bí ìdánwò bá béèrè àròkọ, gbólóhùn oríkèé kọ̀ọ̀kan lè di ìpínrọ̀ kan, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ fi ohun tí ìtàn fò kún un: Brienne àti àwọn òfin Oṣù Karùn-ún 1788 tó fẹ́ gba agbára lọ́wọ́ Ilé Ẹjọ́, ní káàdì kẹrin, àwọn ìwé ẹ̀dùn-ọkàn tí ìlú àti abúlé kọ ránṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ 1789 ṣáájú káàdì kẹfà, àti ọjọ́ 27 Oṣù Kẹfà láàárín ìkẹjọ àti ìkẹsàn-án, nígbà tí ọba ní kí àwọn àlùfáà àti ọ̀tọ̀kùlú tó kù lọ dara pọ̀ mọ́ Ìpín Kẹta. Kó kọ wọn sí ẹ̀yìn káàdì, lábẹ́ nọ́ńbà.